Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ti gorí mi lọ: kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀ní Tákíé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni mo ti wà lórí ìpele 8. Ọmọkùnrin kan tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, tí èmi gan-an kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ mínítì sí fáìlì, gba ìwé ìpele 9 lóṣù tó kọjá. Orúkọ tèmi ò jáde. Ìjọ kan náà ni òun àti ọ̀gá ẹ̀ka wa ń lọ, kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Kí ni mo lè ṣe tí wọn ò fi ní sọ mí di oníwàhálà lọ́fíìsì?

---

Ọmọ Akẹ̀sán

Àǹtí, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ kọ̀wé tààrà sí àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ dárúkọ ọ̀gá yẹn, ẹ dárúkọ ọmọ náà, ẹ sọ pé ìjọ kan náà ni wọ́n. Bí wọn ò bá dáhùn, rédíò wà, kóòtù sì wà. Òfin sọ pé bí ọdún mẹ́ta bá ti pé lórí ìpele 8, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín ga. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ kì í ṣe alágbe.

---

Ìyá Ìbejì

Ohun tó ṣe èmi náà nìyí. Ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ mú àbúrò ìyàwó ẹni tó ni ilé ìwé wá, tí wọ́n sì fi ṣe igbákejì ọ̀gá. Kò tíì kọ́ni rí láyé rẹ̀. Mo kó ìwé mi, mo jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wá iṣẹ́ míì, ìfọ̀kànbalẹ̀ ju owó lọ.

---

Bàbá Ìjẹrù

Àbẹ̀ní, ọmọ mi, ọdún 31 ni mo lò nídìí fáìlì òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Irú ẹjọ́ yìí ti kọjá lọ́wọ́ mi kò lóǹkà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti èmi fúnra mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Akẹ̀sán lóhùn, torí ìdajì ohun tó sọ jẹ́ òótọ́, ìdajì yòókù lè kó bá ọ.

Òótọ́ ni pé ọdún 3 ni òfin iṣẹ́ ìjọba kọ sílẹ̀ fún ẹni tó wà láti ìpele 7 dé 14. Àwọn tó wà ní ìpele 6 sísàlẹ̀, ọdún 2. Àwọn tó wà ní ìpele 15 sókè, ọdún 4. Ṣùgbọ́n ọdún tó pé kì í gbéni ga. Ó kàn sọ ẹni di ẹni tí wọ́n lè yẹ̀ wò ni. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò bóyá àyè ṣí sílẹ̀ lókè, bóyá ìjìyà kankan wà lọ́rùn onítọ̀hún, bóyá ìwé inú fáìlì rẹ̀ pé. Ẹni márùn-ún lè kún ojú ìlà kí ó jẹ́ pé àyè mẹ́ta péré ló wà.

Ti rédíò, jọ̀wọ́, má dán an wò. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lọ sórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ ti rú òfin iṣẹ́. Ìwọ tí wọ́n rẹ́ jẹ ni kúẹ́rì yóò wá bá. Ti kóòtù, òótọ́ ni pé kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kóòtù kì í bá àjọ yan ẹni tí wọ́n máa gbé ga. Ohun tó máa ń wò ni bóyá wọ́n tẹ̀lé ìlànà. Ìwọ kò sì tíì mọ ìlànà tí wọn ò tẹ̀lé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fẹ́ kí o lọ wádìí kí o tó bínú. Láti ìpele 7 sókè, àjọ ní Ìbàdàn ló ń fọwọ́ sí ìgbéga, kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka rẹ. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ ò mọ ọ̀gá rẹ ní ìjọ, wọn ò sì mọ ìwọ náà. Ohun tí wọ́n rí ni ìwé. Lọ bá akọ̀wé tó ń mójú tó fáìlì òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, kí o fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé: ìwé wo ni kò pé nínú fáìlì mi nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ lọ sí Ìbàdàn? Má bi í léèrè nípa fáìlì ọmọkùnrin yẹn rárá.

---

Àbẹ̀ní Tákíé

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ní gbogbo ìwé mi o. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wà, ìwé ìfìdímúlẹ̀ wà, ìwé ìpele 8 wà. Mi ò gba kúẹ́rì rí. Kí ló tún lè kù?

---

Bàbá Ìjẹrù

Fọ́ọ̀mù Épà, ọmọ mi, èyí tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kà fún ọ, Épà ọdún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ti 2022, ti 2023, ti 2024. Bí ẹyọ kan bá sọnù, orúkọ rẹ á bọ́ sílẹ̀, wọn ò sì ní ránṣẹ́ pè ọ́ láti sọ fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń bọ́, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù yìí ń gbà kọjá. Òṣìṣẹ́ á kọ apá tirẹ̀: iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún náà, ẹ̀kọ́ tó lọ kọ́, ọjọ́ tó gba ìsinmi. Ọ̀gá tó ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ á fún un ní máàkì. Òṣìṣẹ́ á wo ohun tí ọ̀gá kọ, á sì fọwọ́ sí i pé òun ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ga ju ọ̀gá lọ á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ibòmíràn láàárín ọdún, fọ́ọ̀mù lè wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi tún yàrá náà kùn. Mo ti rí fọ́ọ̀mù mọ́kànlá tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan báyìí, mọ́kànlá òṣìṣẹ́ tí wọ́n rò pé ayé ń bá àwọn jà.

Ohun míì tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá á ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lófìfo, pé òun máa kún un tó bá yá. Àwọn èèyàn á fọwọ́ sí i, torí wọn ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé wọn ò fọkàn tán ọ̀gá. Bó bá ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀, má ṣe é mọ́. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ kí n tó fọwọ́ sí i, kí n lè mọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe." Kò sí ọ̀gá tó lè fi ìyẹn pe ọ́ ní aláìgbọràn.

---

Ẹ̀gbọ́n Owódé

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nílẹ̀ yìí, èèyàn ló ń gbé èèyàn ga. Mo bá ọmọ yìí sọ ọ́: kó lọ kí ọ̀gá nílé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó mú nǹkan dání, kó sì sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tí wọ́n ń gbé ga ò jókòó sílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

---

Bàbá Ìjẹrù

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọjọ́ tó bá mú nǹkan dání lọ, ọjọ́ yẹn ló sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ ẹni tó ń bínú sí. Bí ìgbéga bá dé lẹ́yìn náà, àwọn yòókù á sọ pé ó rà á ni, kò sì ní lẹ́nu láti jiyàn. Ti pé ó jẹ́ obìnrin, tó sì ń lọ sílé ọ̀gá lálẹ́, mi ò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n máa fi ìyẹn pè.

Apá kan tó wúlò wà nínú ohun tí ẹ sọ o. Ó yẹ kó fojú kan ọ̀gá náà kó tó kọ̀wé, nítorí ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé yẹn máa gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni kó ti rí i, lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Kó sọ pé, "Sà, mo rí i pé orúkọ mi ò jáde. Mo fẹ́ kọ̀wé béèrè ohun tó fà á. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá a pàdé lórí tábìlì yín lójijì." Ọ̀gá tó ṣe ojúsàájú gan-an á ronú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

---

Ọmọ Akẹ̀sán

Bàbá, ẹ má bínú. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀ ń sọ pé kò sí ojúsàájú, pé ìwé ló sọnù. Ṣé ìwé àwọn ọmọ ìjọ ọ̀gá kì í sọnù ni?

---

Bàbá Ìjẹrù

Ìbéèrè tó dára jù lọ níbí nìyí, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ojúsàájú wà. Ní gbogbo ọdún tí mo lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni mo rí i nínú máàkì, níbi tí ọ̀gá ti mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹnì kan ní máàkì burúkú. Ibi tó máa ń wà jù ni olobó. Ọ̀gá á pe ọmọ tó fẹ́ràn lẹ́yìn ìsìn, á ní, "Wọ́n máa béèrè Épà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o, lọ wo tìrẹ." Ọmọ yẹn á lọ wò ó, á rí i pé ti 2023 ò ní ìbuwọ́lùwé kejì, á gbé e lé ọ̀kadà, á bá ọ̀gá àtijọ́ dé Ìkòyí-Ilé, á sì gbà á padà. Ẹni tí kò gbọ́ olobó, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ á wà bó ṣe wà. Nígbà tí orúkọ bá dé Ìbàdàn, òfin ló máa dà bí ẹni pé ó yọ ọ́ kúrò. Ọ̀gá ò parọ́, kò jí nǹkan, kò kọ ohun burúkú nípa ẹnikẹ́ni. Ó kàn ta ẹnì kan lólobó, ó sì dákẹ́ fún ẹnì kejì. Báwo lo ṣe máa kọ ẹ̀sùn ìyẹn? O ò lè kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Àbẹ̀ní kọ nípa fáìlì tirẹ̀.

Èmi ò mọ èyí nígbà tó ṣe èmi. Ní ọdún 1998, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n mú ẹni tó bá mi níbẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Mo dárúkọ rẹ̀, mo dárúkọ ìlú tí òun àti ọ̀gá ti wá, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ síbi ìnáwó. Inú mi dùn nígbà tí mo parí rẹ̀. Ìwé yẹn gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, ọ̀gá sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí mo dárúkọ pé kó wá dáhùn ẹ̀sùn. Kí oṣù náà tó parí, èmi ni mo ń dáhùn kúẹ́rì lórí bíba orúkọ èèyàn jẹ́. Wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ síbẹ̀ lóòjọ́. Ọkùnrin tí mo dárúkọ yẹn ò ṣẹ̀ mí rárá. Ìgbà tí mo padà dé ni mo tó mọ̀ pé Épà ọdún 1997 mi ò sí nínú fáìlì. Gbogbo ojú ìwé mẹ́rin yẹn, mi ò béèrè nípa Épà nínú rẹ̀.

---

Kọ́lá Sábó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Ìpele 6 ni mo wà nígbà tí mo parí yunifásítì. Nígbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n yí mi padà sí ọ̀wọ́ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìpele 8 sì ni wọ́n fi mí sí. Kì í ṣe ìgbéga rárá, ìyípadà ipò ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ́fíìsì ló gbà pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà nínú òṣèlú ló gbé mi fò. Odidi ọdún kan ni àwọn tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n ò fi dáhùn nígbà tí mo bá kí wọn láàárọ̀. Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ yẹn.

---

Ìyá Ìbejì

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo sì rí i pé tèmi yàtọ̀. Nílé ìwé wa, kò sí Épà, kò sí àjọ. Ẹnu oníléèwé ni òfin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ká mi lára jù nígbà yẹn, ó sì dá mi lójú pé ó ń ká Àbẹ̀ní náà lára: báwo ni mo ṣe máa pe ọmọ tí mo jù lọ? Lánàá ni mo ní "wá bá mi gbé ìwé yìí", lónìí ó ti di "ẹ jọ̀ọ́ mà". Òun ló lé mi kúrò níbẹ̀ ju ti owó lọ.

---

Àbẹ̀ní Tákíé

Ìyá Ìbejì, ẹ bọ́ sí i. Ọmọ ọdún 29 ni ọmọkùnrin yẹn. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ ti dé, mi ò tíì pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fún un ní fáìlì, mo máa ń rán ọmọ ọ́fíìsì.

---

Ẹ̀gbọ́n Owódé

Má pè é ní sà. Ọmọ rẹ ni. Ìpele kì í sọ ọmọdé di àgbà.

---

Bàbá Ìjẹrù

Èmi á pè é ní "ọ̀gá" lójú àlejò àti nínú ìpàdé, mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á máa pè ọ́ ní Àǹtí títí. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò ní fara mọ́ ọn, a ò sì ní parí ìyẹn níbí.

Ṣùgbọ́n fáìlì tí o ń rán ọmọ ọ́fíìsì yẹn, dẹ́kun rẹ̀ lọ́la. Nígbà tí ìwé rẹ bá dé orí tábìlì wọn, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa wá ni ìdí tó fi yẹ kí wọ́n má gbé ọ ga. Bí ọjọ́ méjì bá wà tí iṣẹ́ kan dúró torí pé o ò fẹ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀, o ti fi ìdí náà lé e lọ́wọ́. Ìkíni àárọ̀ náà ńkọ́? Kí i. Kì í ṣe torí tirẹ̀.

---

Àbẹ̀ní Tákíé

Ẹ káàsán o. Mo ti bi akọ̀wé. Épà 2022 wà, ti 2024 wà. Ti 2023 náà wà, ṣùgbọ́n kò ní ìbuwọ́lùwé kejì. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ míì láti oṣù kejì ọdún 2024. Ọmọkùnrin yẹn wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà lọ́dún náà, tirẹ̀ sì pé. Mo bi í báwo ló ṣe rí i ṣe. Ó ní ọ̀gá ẹ̀ka wa ló sọ fún òun kí òun lọ wò ó. Ó sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo èèyàn gbọ́. Kò mọ̀ pé wọn ò sọ fún èmi.

---

Ọmọ Akẹ̀sán

Ẹ ẹ̀ rí i? Ojúsàájú ni!

---

Bàbá Ìjẹrù

Òun ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé tí Àbẹ̀ní máa kọ ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá ọ̀gá àtijọ́ yẹn. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ kí o tó lọ, má sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kó fọwọ́ sí i, kó sì kọ ọjọ́ tó fọwọ́ sí i gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kan tó ti kọjá. Ayédèrú ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè kó bá ẹ̀yin méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí o kọ ìwé ojú kan. Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

Mo wà lórí ìpele 8 láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Mo yẹ fún àyẹ̀wò ìgbéga láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Mo ti wá mọ̀ pé Épà ọdún 2023 mi ò ní ìbuwọ́lùwé kejì nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ jọ. Ó ti ní i báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ rèé. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, kí ìgbéga náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó yẹ.

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí ìjọ. Kọ ọ́ sí àjọ, kó gba ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ka àti olórí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọjá. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lé èkejì, kí o gbé e lọ sílé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí o ò gbọ́ nǹkan kan, kọ ìwé ìránnilétí, kí o so ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Bí ìyẹn náà bá dúró sí ọwọ́ ẹnì kan, ìgbà náà ni kí o gbé e fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní ohun tí wọ́n lè dì mú.

Má fojú fo gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé yẹn. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2001 ni mo yẹ, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ 2002 ni ìwé dé, oṣù kẹjọ 2002 náà ni wọ́n sì kọ sí i. Ká ní mo fi ayọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, oṣù kẹjọ 2005 ni ọdún mẹ́ta mi ì bá tó pé. Mo kọ̀wé padà, wọ́n sì yí i sí 2001, oṣù kìn-ín-ní 2004 ni mo sì tún yẹ. Oṣù mọ́kàndínlógún ni mo fẹ́ pàdánù sórí ìlà kan tí mi ò bá fara balẹ̀ kà.

---

Àbẹ̀ní Tákíé

Bí wọ́n bá sì ní kò sí àyè mọ́, pé èyí tó ṣí sílẹ̀ ti kún ńkọ́?

---

Bàbá Ìjẹrù

Ó lè ṣẹlẹ̀, ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún ọ. Nígbà míì wọ́n á ní kó o dúró de àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka ìwé rẹ, ó sì ti wà nínú fáìlì pé ọdún 2025 lo yẹ. Ọjọ́ tí àyè bá ṣí, ẹni tí ọdún rẹ̀ pé lẹ́yìn tìrẹ ò ní rọrùn láti fi síwájú rẹ.

---

Àbẹ̀ní Tákíé

Ọ̀gá àtijọ́ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa kí n tó kọ̀wé, bí Bàbá ṣe wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé tìrẹ ò pé ni?" Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ìwé ti wọlé láàárọ̀ òní, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ wà nínú àpò mi. Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, torí iná ò sí ní yàrá tiwa. Ó ka ojú ìwé náà tán, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín so ẹ̀dà Épà yẹn mọ́ ọn dáadáa." Mo ní kó so ó.